Tẹ́ẹ̀sì onílà ní ibà wà, máíkírósíkóòpù ní kò sí: èwo ni kí n gbà?

Àbẹ̀kẹ́_07

Ẹ káàsán o. Ọjọ́ 18 rèé tí mo ti lo oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tán, ara mi sì yá dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé, òtútù ṣàdédé mú mi ní ìrọ̀lẹ́, eyín mi ń gbá ara wọn. Nígbà tó yá ara mi gbóná bí iná, mo làágùn, ó sì lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó tún dé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Tẹ́ẹ̀sì onílà tí wọ́n gún ìka mi ṣe ní ibà wà. Láàbù tó fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ kan náà ní kò sí. Èwo ni kí n gbà? Kí ló sì dé tí ibà fi ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó ní aago lọ́wọ́?

Baba_Kékeré

Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ìgbà tí ibà ti rọlẹ̀ lẹ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù. Bí ibà bá ti lọ, àwọn kòkòrò yẹn ti padà sínú ẹ̀dọ̀ lọ sùn nìyẹn, ta ló máa rí wọn nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹ dúró kí òtútù tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sáré lọ nígbà yẹn gan-an. Èmi ò fẹ́ràn tẹ́ẹ̀sì onílà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí òun ló sọ òótọ́.

Ìyá_Dámi

Tiyín tiẹ̀ dára, ìlà gidi lẹ rí. Èmi fúnra mi ni mo ṣe tèmi fún Dámi nílé. Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ wẹ̀ fún un, mo gbàgbé. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí n tó padà síbẹ̀, ni mo rí ìlà kan tó rọra hàn bí ìgbà tí wọ́n fi ráńbà pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Mo ní ibà ti dé nìyẹn. Ọmọ lo oògùn tán, kò yé sunkún, àṣé etí ló ń dùn ún. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi tiyín sílẹ̀ pẹ́ jù? Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ tiẹ̀ lò? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ayédèrú.

Àbẹ̀kẹ́_07

Rárá mà, nọ́ọ̀sì náà dúró tì í, ìṣẹ́jú 15 pé kó tó kà á. Ìlà náà sì ki dáadáa. Átímẹ́tà àti lúmẹfáńtírìn ni mo lò, ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú ọjọ́ mẹ́ta, mi ò fo ọ̀kankan.

Ojú_Lẹ́ǹsì

Iṣẹ́ máíkírósíkóòpù ni mo ń ṣe, ojú mi ti ń dun mí nítorí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aago yẹn, nítorí òun ló máa jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ kí láàbù rí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Baba, ẹ ò jìnnà sí òtítọ́, àmọ́ ẹ̀dọ̀ kọ́ ni wọ́n ń padà sí. Ìgbà kan ṣoṣo ni kòkòrò ibà ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí wa lára. Tó bá ti ibẹ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó burú jù nínú wọn, fasipárọ́ọ̀mù, kì í padà síbẹ̀ mọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé. Yóò wọ inú ọ̀kan, yóò rí bí òrùka kékeré, yóò máa jẹ ohun pupa inú rẹ̀, yóò sanra, yóò wá pín ara rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n lè tó 16, wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àyè ò bá gbà wọ́n mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, wọ́n á tú jáde, oníkálukú á wá sẹ́ẹ̀lì tuntun wọ̀. Láti ìwọlé dé ìbẹ́, wákàtí 48 ni.

Bíbẹ́ yẹn ló ń fa òtútù. Kì í ṣe ọmọ kòkòrò nìkan ló ń tú jáde. Ìdọ̀tí tó ti kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ń bá wọn jáde, títí kan pàǹtírí dúdú tó ṣẹ́kù nínú ohun pupa tó jẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara á rí i, wọ́n á figbe ta, ìránṣẹ́ wọn á sì dé ibi tó ń darí ìgbóná ara nínú ọpọlọ. Ọpọlọ á pàṣẹ pé kí ara gbóná sí i. Ní ìṣẹ́jú yẹn ara ò tíì gbóná tó bí ọpọlọ ṣe fẹ́, ló fi jẹ́ pé òtútù là ń gbọ́, tí a ó máa gbọ̀n kí ìgbóná lè pé. Tó bá pé, òtútù á lọ, iná á kù. Nígbà tí ọpọlọ bá fagi lé àṣẹ náà, òógùn á bò wá. Gbígbọ̀n, gbígbóná, lílàágùn: ohun tí Àbẹ̀kẹ́ kọ sókè nìyẹn bó ṣe tò ó gẹ́lẹ́.

Dókítà ará Ítálì kan, Camillo Golgi, ló rí i láàárín 1885 àti 1886 ní ìlú Pavia, pé àkókò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá ń bẹ́ ni ibà ń gbéra. Ó rí èyí tó ń dé ní wákàtí 48, ó sì rí èyí tó ń gba wákàtí 72. Kòkòrò wọn ò dọ́gba.

Baba_Kékeré

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan tí ibà rẹ̀ lọ fún oṣù márùn-ún tó tún padà, dókítà gan-an ló sì sọ fún un pé inú ẹ̀dọ̀ ló sùn sí.

Ojú_Lẹ́ǹsì

Dókítà yẹn ò parọ́. Irú kòkòrò ibà méjì kan wà, fáífáàsì àti ofélì, tó máa ń fi àwọn kan sílẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn á sùn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí wọ́n tó jí. Ṣùgbọ́n wọn ò jáde kí wọ́n tún wá padà wọlé láàárín òtútù kan sí ìkejì.

Ṣẹ́gun_Aláròyé

Ẹ̀gbọ́n Ojú Lẹ́ǹsì, aago yín yìí ò bá tèmi mu. Ojoojúmọ́ ni ibà tèmi ń gbóná nígbà tó mú mi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò sinmi. Wọ́n sì rí kòkòrò.

Ojú_Lẹ́ǹsì

Ó bá a mu, arákùnrin mi. Ká ní gbogbo kòkòrò inú ara rẹ jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan náà, wọn ì bá jọ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ibà ì bá sì máa dá ọjọ́ kan kọjá. Àmọ́ bí agbo méjì bá wà, tí èkejì fi ọjọ́ kan kéré sí èkíní, agbo kan á bẹ́ lónìí, èkejì á bẹ́ lọ́la, ojoojúmọ́ ni wàá sì máa gbọ̀n. Pẹ̀lú fasipárọ́ọ̀mù, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ orí wọn máa ń dàrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ń rí ọmọdé, a ń rí àgbà, wọ́n ń bẹ́ tàárọ̀ talẹ́. Ìgbóná náà ò ní lọ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ìlọ-àbọ̀ ibà dá ẹjọ́. Àìsí ìlọ-àbọ̀ kò sọ pé kì í ṣe ibà, wíwà rẹ̀ náà ò sì fi dandan sọ pé ibà ni.

Ohun tó ń mú kí wọ́n jọ rìn, àwọn kan ní ìgbóná ara fúnra rẹ̀ ló ń pa àwọn àgbà inú wọn tó ń ṣẹ́ àwọn ọmọdé kù, kí agbo lè dọ́gba. Àwọn kan ní kòkòrò náà ní aago tirẹ̀ nínú. Wọ́n ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí Àbẹ̀kẹ́. Baba ní kó dúró di ìgbà òtútù kó tó lọ gbẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá wo fasipárọ́ọ̀mù dáadáa, ìdàkejì ni. Fún bí ọjọ́ kan àkọ́kọ́, ìgbà tó ṣì jẹ́ òrùka, sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé inú rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ yòókù lọ káàkiri, abẹ́rẹ́ á bá a ní ìka. Tó bá ti ń dàgbà, á mú kí ara sẹ́ẹ̀lì náà lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á wá so mọ́ ògiri àwọn iṣan kéékèèké, nínú ọpọlọ, nínú kíndìnrín, níbikíbi tí ojú wa ò dé. Ibẹ̀ ló máa wà títí yóò fi bẹ́. Nítorí náà, kété kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n sì sanra jù, ló lè jẹ́ pé ìka ò ní ní nǹkan kan tó pọ̀. Lẹ́yìn tí òtútù bá kọjá ni òrùka tuntun á kún ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Òtútù ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ká ní ibà ló fa òtútù yẹn, àwọn òrùka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ jáde ò tíì pé ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ gbangba ló yẹ kí wọ́n wà. Ìgbà tó dára gan-an lẹ lọ. Pé láàbù ò rí nǹkan ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ lójú mi.

Ṣẹ́gun_Aláròyé

Bí ẹni tó wò ó bá mọ̀ ọ́n wò ni o. Láàbù kan wà tí èmi máa ń lọ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń kọ àmì ìròpọ̀ kan fún. Ó mú mi bínú débi pé mo mú ọ̀rẹ́ mi tí nǹkan kan ò ṣe lọ. Àmì kan náà ni wọ́n kọ fún un!

Ojú_Lẹ́ǹsì

Mo mọ irú wọn. Ẹyọ aró tí wọn ò sẹ́ kúrò máa ń balẹ̀ sórí gíláàsì bí àmì dúdú róbótó, ẹni tó ń kánjú á pè é ní kòkòrò. Kòkòrò gidi ní ara méjì: ojú pupa kékeré kan, àti omi-ara tó ní àwọ̀ búlúù. Bí mi ò bá rí méjèèjì lójú kan náà, mi ò kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí Àbẹ̀kẹ́ lè mọ ohun tó máa bi wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ méjì là ń fi sórí gíláàsì. Ọ̀kan nípọn, a ó fi igun gíláàsì mìíràn rò ó yíká. A kì í fi nǹkan kan mú un le, kí omi aró lè fọ ohun pupa inú sẹ́ẹ̀lì kúrò, kí a lè rí ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ lójú kan. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, òun la fi ń mọ irú kòkòrò tó jẹ́. A ó kùn wọ́n ní aró Gímsà, a ó kán òróró lé e, a ó fi lẹ́ǹsì tó lágbára jù wò ó. Mi ò gbọdọ̀ kọ "kò sí" títí màá fi wo ojú 100, ìyẹn ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 100 tí lẹ́ǹsì ń fi hàn, lórí èyí tó nípọn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ojú 100 yẹn ò sì ju bí ìdámẹ́rin máíkírólítà kan lọ. Nítorí náà bí kòkòrò bá kéré gan-an, èmi náà lè pàdánù rẹ̀.

Tí mo bá rí i, mo ń kà á ni, mi ò kì í fi àmì ìròpọ̀ díwọ̀n. Ẹnì kan wá láìpẹ́: mo ka sẹ́ẹ̀lì funfun 500, kòkòrò tí mo pàdé láàárín wọn jẹ́ 30. A máa ń gbà pé sẹ́ẹ̀lì funfun 8000 ló wà nínú máíkírólítà kan, nítorí náà 30 lọ́nà 8000, ká pín in sí 500, ó jẹ́ 480. Wọ́n fún un lóògùn, lọ́jọ́ kejì mo tún kà á, ó ti wálẹ̀ sí 64. Tẹ́ẹ̀sì onílà ò lè sọ ìyẹn láéláé. Ìlà ọjọ́ méjèèjì ki bákan náà.

Àbẹ̀kẹ́_07

Ẹ ṣé gan-an sà. Ìwé tèmi, "kò sí" nìkan ni wọ́n kọ sí i, kò sí iye ojú tí wọ́n wò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí kòkòrò, kí ni tẹ́ẹ̀sì onílà rí? Ìlà náà ki!

Ojú_Lẹ́ǹsì

Ipa ẹsẹ̀ ló rí. Tẹ́ẹ̀sì yẹn kì í rí kòkòrò. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí `HRP2`. Èròjà kan tí fasipárọ́ọ̀mù ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ara bébà inú rẹ̀ kọjá, ohun kan tó ní àwọ̀ á gbá èròjà náà mú, á gbé e dé ibi `T`, á sì dúró síbẹ̀ bí ìlà. `C` kàn ń sọ pé omi náà ṣàn dé òpin ni, kò mọ nǹkan kan nípa ibà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí oògùn bá ti pa kòkòrò, èròjà rẹ̀ kì í bá a kú. Ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ó ju oṣù kan lọ. Ọjọ́ 18 péré lẹ wà. Ká ní ẹ ṣe é láìsí òtútù kankan, ó ṣeé ṣe kí ìlà yẹn jáde bákan náà.

Irú mìíràn wà tó ní ìlà mẹ́ta, `C`, `Pf` àti `Pan`. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, `Pf` ló ń wá `HRP2`, `Pan` sì ń wá èròjà tí kòkòrò fi ń lo ṣúgà. Kòkòrò tó wà láàyè ló ń ṣe ìyẹn, kì í sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kú, ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹ wá a.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn ka èyí tán kí wọ́n máa ju ìlà nù. Wọ́ọ̀dù lèmi wà, ní aago méjì òru kò sí Ojú Lẹ́ǹsì kankan nítòsí. Ẹni tí kò lo oògùn ibà láti bí oṣù méjì, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìlà jáde: mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ó sàn kí n gba tẹ́ẹ̀sì onílà tí a ṣe dáadáa ju gíláàsì tí ẹni tó ti rẹ̀ wò.

Ìlà `Pan` tí ẹ yìn yẹn, kì í tètè rí kòkòrò tó kéré bíi `Pf`. Bí kò bá jáde, kò parí ẹjọ́.

Ìyá Dámi, ìlà tó hàn lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀ kì í ṣe ìlà. Àkókò tó wà lára páálí nìkan la ń kà á. Ṣùgbọ́n ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde láàárín àkókò rẹ̀, òun jẹ́ ìlà o. Kò sì túmọ̀ sí pé ibà kékeré ni. Mo ti rí ọmọ tí ìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, tí kòkòrò kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú. Èròjà náà pọ̀ débi pé wọ́n ń tì ara wọn lójú ìlà, díẹ̀ ló ráyè dúró.

Ojú_Lẹ́ǹsì

Òótọ́ ni, mi ò janpata. Ẹ fi èyí kún un: àwọn fasipárọ́ọ̀mù kan wà tí kì í tú `HRP2` jáde rárá. Ní orílẹ̀-èdè Pẹrú ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2010. Lẹ́yìn náà ó tàn ní Ẹ̀rítríà débi pé wọ́n pa irú tẹ́ẹ̀sì yẹn tì. Kòkòrò wà lójú gíláàsì, bébà ní kò sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kàn yí i padà.

Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ bá lè ṣe é: ẹ̀jẹ̀ lónìí, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24, kí ó pé mẹ́ta pẹ̀lú ti Ọjọ́bọ̀. Láàbù mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ojú tí wọ́n wò. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà wá ohun mìíràn tó ń fa òtútù, ẹ má dúró de àbájáde mi.

Baba_Kékeré

Èmi ṣì ní kó lo oògùn. Kí ló máa pa á lára?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ohun tó ń ṣe é gan-an ló máa pa á lára, Baba, tí a bá ń fi oògùn ibà tọ́jú rẹ̀. Ẹ ò rí etí Dámi?

Àbẹ̀kẹ́_07

Mo ti padà dé. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì àti àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, láàbù mìíràn. Ojú 100 lẹ́ẹ̀kínní, 200 lẹ́ẹ̀kejì, kò sí kòkòrò. Onílà mẹ́ta yẹn: `C` jáde, `Pf` jáde, `Pan` òfìfo. Dókítà ní kí n tọ̀ sínú ike. Ìtọ̀ mi kún fún ọyún. Ó bi mí bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ń dùn mí láti ọjọ́ Àìkú, mo rò pé ibà ló ń fà á ni mi ò ṣe kọ ọ́ síbí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ láti Àbámẹ́ta, òtútù ò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àmọ́ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ajé, Ọjọ́rú, wákàtí 48 géérégé!

Ojú_Lẹ́ǹsì

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Òtútù méjì ò tíì di aago, àyè kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Àrùn inú kíndìnrín náà máa ń mú èèyàn gbọ̀n bẹ́ẹ̀, á dá, á tún dé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Inú mi dùn. Síbẹ̀ mi ò ní bura pé kò sí kòkòrò kan ṣoṣo lára yín. Bí oògùn kò bá pa gbogbo wọn, ibà àtijọ́ lè tún gbérí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkẹrin, nígbà mìíràn ìkẹfà. Bí ara bá tún gbóná, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, gíláàsì ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe `Pf`.

Àbẹ̀kẹ́_07

Mo gbọ́ mà. Ìgbà wo ni `Pf` yìí máa wá pa rẹ́ lára mi, kí n lè gbà á gbọ́ padà?

Ojú_Lẹ́ǹsì

Mi ò lè dá ọjọ́ fún yín. Bí kòkòrò tẹ́ ẹ ní nígbà àkọ́kọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni èròjà rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó. Ṣé ìwé àyẹ̀wò ti ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Iye wo ni wọ́n kà?

Àbẹ̀kẹ́_07

Wọn ò kà nǹkan kan sà. Onílà ni wọ́n fi ṣe ìyẹn náà.